Ẹnì kan ṣoṣo ni kò wọ aṣọ ẹbí: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí pípààrọ̀ aṣọ ẹnì kan nínú fọ́tò ẹlẹ́ni púpọ̀

Iṣẹ́ tí wọ́n máa ń gbé wá bá mi jù lẹ́yìn òde ni èyí. Ẹbí mẹ́sàn-án dúró, mẹ́jọ wọ léèsì aláwọ̀ wáìnì, ẹnì kan wọ nǹkan mìíràn nítorí pé aṣọ tirẹ̀ kò tètè dé láti ọ̀dọ̀ téílọ̀. Wọ́n fẹ́ kí aṣọ ẹni yẹn bá tàwọn yòókù mu, kí ohunkóhun má sì yí lára àwọn tó dúró tì í. Photoshop ni mo fi ń ṣe é, orúkọ inú rẹ̀ sì ni mo lò níbí. Ẹni tó ń lo Photopea yóò bá ọ̀pọ̀ orúkọ kan náà pàdé níbẹ̀.

Ṣé gbogbo aṣọ ló ṣeé pààrọ̀?

Rárá. Ẹ kọ́kọ́ wo aṣọ tó wà lára ẹni náà kí ẹ tó gba iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ aṣọ aláwọ̀ kan tí kò ní ọnà, tí àwọ̀ rẹ̀ sì jìnnà sí ti ara èèyàn, bíi àwọ̀ ewé tàbí búlúù, iṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ ni. Aṣọ funfun náà rọrùn: ìpele aláwọ̀, ìyẹn `Layer`, tí ẹ bá fi `Multiply` lé e lórí yóò mú un, gbogbo ìṣẹ́po rẹ̀ yóò sì hàn síbẹ̀.

Aṣọ dúdú ló le. Nínú fọ́tò, dúdú a máa gbé ìṣẹ́po mì. Bí ẹ bá tan ìmọ́lẹ̀ sí i, hóróhóró ni ẹ máa rí, ẹ kò ní rí aṣọ. Àǹkárá ọlọ́nà ńlá náà le, torí pé bí ẹ bá yí àwọ̀ rẹ̀ padà, ọnà rẹ̀ yóò ṣì máa yọjú lábẹ́ èyí tuntun. Fún irú méjèèjì yìí, aṣọ mìíràn lódindi ni ẹ máa gbé lé e, mo sì máa ń sọ fún oníbàárà pé owó rẹ̀ yàtọ̀.

Fọ́tò wo ni kí n gbà lọ́wọ́ wọn?

Èyí tó jáde láti inú kámẹ́rà gan-an. Fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lọ́nà tí a ń gbà fi fọ́tò ránṣẹ́ ti kéré sí i, ó sì ti fún pọ̀. Etí aṣọ àti etí apá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti wọnú ara wọn. Ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí `Document`, kò ní dín kù. Fọ́tò tí mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ nísàlẹ̀ yìí jẹ́ píksẹ́lì 6000 ní ìbú àti 4000 ní òró.

Kí ló fà á tí aṣọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fi máa ń yí pẹ̀lú?

Ọ̀nà mẹ́ta ló máa ń gbà wọlé.

Àkọ́kọ́ ni pé ẹni tó ń ṣe é yí àwọ̀ fọ́tò náà lódindi. Ó ṣí `Hue/Saturation`, ó fa àwọ̀ ewé lọ sí wáìnì, ó rí i pé aṣọ Àǹtí ti yí, inú rẹ̀ dùn. Kò rí i pé ewé òdòdó tó wà lẹ́yìn wọn àti òkúta ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn ẹni kejì ti yí pẹ̀lú.

Èkejì ni `Healing Brush`. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú ibi tí ẹ kùn bá àyíká rẹ̀ mu. Ní àárín aṣọ, kò burú. Létí aṣọ, àyíká ibẹ̀ ni apá ẹlòmíràn, nítorí náà ó máa fa àwọ̀ ara wọnú aṣọ, etí yóò sì dà bí ohun tí omi ta sí. Bí mo bá ti sún mọ́ etí, `Clone Stamp` ni mo máa ń lò, inú ibi tí mo ti yà sọ́tọ̀ nìkan sì ni.

Ẹ̀kẹta ni fífi `Camera Raw Filter` tàbí yíyí `Color Profile` padà lé gbogbo fọ́tò lórí nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Ojú kò tètè rí i, ṣùgbọ́n gbogbo ojú tó wà nínú fọ́tò náà ló ti yí díẹ̀.

Báwo ni mo ṣe lè sé e mọ́, kí ó má lè jáde rárá?

Ìbòjú kan ṣoṣo ni. Ẹ má fi ọwọ́ kan ìpele ìsàlẹ̀, ìyẹn `Background`, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ dá `Group` kan sílẹ̀ lókè rẹ̀, kí ẹ pè é ní Aso. Ẹ di `Alt` mú, kí ẹ tẹ àmì `Add layer mask`. Ìbòjú dúdú yóò jáde lára `Group` náà. Dúdú ń pa ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́, funfun ń ṣí i sílẹ̀. Ohunkóhun tí ẹ bá wá kó sínú Aso, ì báà jẹ́ àwọ̀, ìmọ́lẹ̀ tàbí ọnà léèsì, kò lè kọjá ibi tí ẹ bá kùn ní funfun.

Mo ti rí àwọn tó ń fi ìbòjú tirẹ̀ fún ìpele kọ̀ọ̀kan. Ìpele márùn-ún, ìbòjú márùn-ún. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ ní píksẹ́lì méjì, ìlà tín-ín-rín yóò yọ létí aṣọ, ẹ kò sì ní mọ èyí tó fà á nínú wọn. Ìbòjú kan ni kí ẹ ní, kí ẹ sì fara balẹ̀ ṣe é dáadáa. Nínú wákàtí méjì tí mo bá lò lórí fọ́tò, ìbòjú nìkan máa ń gba wákàtí kan nínú rẹ̀.

Ṣé ẹ lè fi fọ́tò kan ṣàlàyé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹbí mẹ́sàn-án, ọjọ́ ìbí Ìyá àgbà. Àǹtí kan dúró sí ipò kẹta lápá òsì, bùbá àti ìró sátínì aláwọ̀ ewé tó mọ́ ló wọ̀. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ lápá òsì, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. Ní apá ọ̀tún, ìpèlé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bo ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ díẹ̀, ìpèlé náà sì ní wajawaja létí.

Mo fi `Quick Selection Tool` mú aṣọ náà ní wàràwàrà, mo sọ ọ́ di funfun nínú ìbòjú, lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún etí ṣe pẹ̀lú ọwọ́. Mo tẹ `\` kí ìbòjú lè hàn bí àwọ̀ pupa lórí fọ́tò, mo sún mọ́ ọn títí ó fi di 200%. Ìka ọkọ rẹ̀ mẹ́rin ni mo fi dúdú kùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fi òjìji tó wà lábẹ́ ìka sílẹ̀ ní funfun, torí pé orí aṣọ ni òjìji yẹn wà: ti aṣọ ni, kì í ṣe ti ọwọ́. Ẹni tó bá yọ òjìji náà kúrò pẹ̀lú ìka yóò rí ìlà aláwọ̀ ewé tó yí ìka po nígbà tí aṣọ bá di wáìnì.

Kò sí ẹni tó lè fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ̀lé wajawaja ìpèlé náà ní fọ́nrán kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀ ni àwọ̀ ewé ti ṣe mí lóore. Mo lo `Select`, `Color Range`, mo yan `Greens`, mo sì fi sọ́dọ̀ ibi wajawaja nìkan. Kò sí ewé nínú ìpèlé wáìnì, nítorí náà ohun tó wà láàárín fọ́nrán kan sí èkejì nìkan ló mú.

Àwọ̀ ńkọ́? Mo fi wáìnì sí i, pupa rẹ́súrẹ́sú ló dà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí gbogbo wa nìyẹn. Ìpele `Solid Color` tí ẹ bá fi sí `Color` a máa yí àwọ̀ padà, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ aṣọ àtijọ́ ni yóò fi sílẹ̀. Ewé tó mọ́ ní ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, wáìnì ṣókùnkùn. Bí ẹ bá fi àwọ̀ wáìnì lé ìmọ́lẹ̀ ewé lórí, píńkì ni yóò jáde.

Nítorí náà, ìmọ́lẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń tọ́. Mo ṣí `Info`, mo yí òǹkà kan nínú rẹ̀ sí `Lab Color`, mo sì ń wo `L`, tó ń bẹ̀rẹ̀ láti 0 fún dúdú dé 100 fún funfun. Mo gbé àmì lé aṣọ ẹ̀gbọ́n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́: ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti bà á jẹ́ 38, inú ìṣẹ́po tó jìn jẹ́ 12. Ti Àǹtí jẹ́ 71 àti 34. Mo fi `Curves` sínú Aso, lábẹ́ ìpele àwọ̀, mo sì fà á wálẹ̀ títí 71 fi di 38, tí 34 sì di 12. Lẹ́yìn náà ni mo mú àwọ̀ láti àárín aṣọ ẹ̀gbọ́n, níbi tí kò mọ́ jù tí kò sì ṣókùnkùn jù, mo sì fi í sí `Color`.

Sátínì ní ìdán, léèsì kò ní. Ibi tó ń dán lójú èjìká àti lórí itan ṣì ń tàn lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹni tó bá mọ aṣọ yóò sì mọ̀ pé irọ́ ni. Mo tún fa orí `Curves` náà wálẹ̀ díẹ̀, kí ibi tó mọ́ jù má lè mọ́ ju ti ẹ̀gbọ́n lọ.

Ọnà léèsì, báwo ni ẹ ṣe gbé e lé e?

Mo ní kí wọ́n mú ìrépé tó kù lọ́dọ̀ téílọ̀ wá. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ sẹ́bàá fèrèsé, mo yà á ní fọ́tò láti òkè tààrà, kí ìmọ́lẹ̀ sì gba ẹ̀gbẹ́ kan náà tó gbà wá nínú fọ́tò ẹbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé ọnà láti ara aṣọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹlòmíràn. Ìṣẹ́po tirẹ̀ yóò bá a wá, ojú yóò sì rí i pé ìṣẹ́po kan náà wà lára èèyàn méjì.

Òdòdó kan lára aṣọ ẹ̀gbọ́n gba píksẹ́lì 42 ní ìbú níbi àyà. Ìlà kan náà ni Àǹtí àti ẹ̀gbọ́n dúró sí, nítorí náà mo dín ìrépé náà kù títí òdòdó rẹ̀ fi di 42. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀kan wà níwájú, tirẹ̀ ní láti tóbi díẹ̀.

Mo yọ àwọ̀ kúrò lára ìrépé náà kí ó ku ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ọnà rẹ̀ nìkan, mo fi í sí `Soft Light`. Ó bò ó, ṣùgbọ́n pẹlẹbẹ ló rí, bí ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Ohun tó ń jẹ́ kí ó tẹ̀lé ara ni `Displace`. Mo ṣe ẹ̀dà fọ́tò náà, mo sọ ọ́ di dúdú àti funfun, mo fi `Gaussian Blur` tó jẹ́ 4 rọ̀ ọ́, mo sì fi í pamọ́ bíi `aso-map.psd`. Mo padà sí ìpele léèsì, mo lo `Filter`, `Distort`, `Displace`, mo fi 8 sí méjèèjì, mo sì yan fáìlì náà. Níbi tí fáìlì yẹn bá jẹ́ eérú àárín, léèsì kò ní kúrò lójú kan. Níbi tó bá mọ́ tàbí tó bá ṣókùnkùn, yóò sún sí apá kan tàbí èkejì, nípa bẹ́ẹ̀ ọnà á tẹ̀ bí ìṣẹ́po ṣe tẹ̀.

Ẹ má fi ìrépé kan bo gbogbo ara. Téílọ̀ kì í rán an bẹ́ẹ̀. Mo lo ẹyọ mẹ́rin: àyà bùbá, apá méjì, àti ìró. Ẹyọ ti apá ni mo yí pẹ̀lú `Warp` kí òdòdó lè máa bá apá rìn. Ibi tí ojú rírán wà, ọnà ní láti já. Bí ó bá ń lọ láìjá láti àyà dé apá, ibẹ̀ ni àṣírí iṣẹ́ náà ti máa tú.

Mo ṣì ń rí ewé díẹ̀ létí gbogbo.

Àwọn píksẹ́lì etí ni. Ìdajì wọn aṣọ, ìdajì wọn ohun tó wà lẹ́yìn. Bí ẹ bá fẹ ìbòjú síta láti mú wọn, ẹ ti kan ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nìyẹn. Mo máa ń ṣe `Hue/Saturation` mìíràn síta Aso, pẹ̀lú ìbòjú tirẹ̀ tó jẹ́ ìlà tín-ín-rín tó tẹ̀lé etí nìkan, kí n sì yan `Greens` nínú rẹ̀ dípò `Master`. Ara èèyàn kò sí nínú `Greens`, nítorí náà ìlà náà lè gun orí ìka láìṣe ìka ní nǹkan kan. Mo fa `Saturation` wálẹ̀ títí ewé fi kú. Ìbòjú kejì kan ṣoṣo tí mo máa ń gbà láàyè nìyí.

Ewé aṣọ náà tàn sí àgbàdá ọkọ rẹ̀. Ṣé kí n yọ ọ́?

Ìbéèrè tó dára jù nìyí, ó sì ń yọ mí lẹ́nu nígbà gbogbo. Aṣọ tó mọ́ a máa ju àwọ̀ rẹ̀ sára ohun tó bá sún mọ́ ọn. Bí aṣọ Àǹtí bá ti di wáìnì, tí ewé sì wà lápá àgbàdá ọkọ rẹ̀, ẹni tó bá wò ó dáadáa yóò bi ara rẹ̀ pé níbo ni ewé ti wá. Ṣùgbọ́n àdéhùn wa ni pé a kò ní kan ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni èyí. Lábẹ́ àgbọ̀n Àǹtí fúnra rẹ̀, mo yọ ewé náà, torí òun ló ní iṣẹ́. Lára ẹlòmíràn, mo fi sílẹ̀, mo pe oníbàárà, mo sì fi hàn án. Ọkọ Àǹtí ní kí n yọ ọ́. Ìpele tó ní orúkọ tirẹ̀ ni mo fi yọ ọ́, síta Aso, kí ẹnikẹ́ni lè pa á kí ó sì rí ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀rọ tí a ń kọ ọ̀rọ̀ sí kí ó yí aṣọ padà ńkọ́? Ṣé kò yá ju gbogbo èyí lọ?

Ó yá. Ṣùgbọ́n oríṣi méjì ló wà, ìyàtọ̀ wọn sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

Oríṣi kan, bíi `Generative Fill` tó wọ Photoshop ní 2023, inú ibi tí ẹ yà sọ́tọ̀ nìkan ló ń kùn, orí ìpele tuntun ló sì ń fi í sí. Èyí dára fún àǹkárá ọlọ́nà ńlá tí mo ní ó le. Ẹ yà á ní ẹyọ kéékèèké, torí pé bí ibi tí ẹ yà bá tóbi, aṣọ tó máa jáde a rọ̀ ju ojú àti ọwọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ. Ẹ fi `Add Noise` díẹ̀ sí i kí hóró rẹ̀ lè bá ti kámẹ́rà mu. Ẹ má sì fi ìka ẹlòmíràn kún ibi tí ẹ yà, yóò ya ìka mìíràn fún un.

Oríṣi kejì ń gba fọ́tò lódindi, ó ń dá fọ́tò lódindi padà. Ẹ sọ fún un pé kí ó má kan àwọn yòókù, ó dà bíi pé ó gbọ́. Kò gbọ́. Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń sún fọ́tò kì kí wọ́n tó tún un yà, nítorí náà gbogbo ojú ni wọ́n tún yà, pẹ̀lú ilà ojú Ìyá àgbà. Ẹ wo eyín àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, ibẹ̀ ni ẹ máa kọ́kọ́ rí i.

Ẹ ṣì lè lo ohun tó dá padà. Ẹ gbé e lé orí fọ́tò àkọ́kọ́, kí ẹ sọ ọ́ di ìwọ̀n kan náà, kí ẹ yan ìpele méjèèjì, kí ẹ sì lo `Auto-Align Layers`. Lẹ́yìn náà, kí ẹ fi sínú Aso. Aṣọ rẹ̀ nìkan ni ìbòjú yóò jẹ́ kí a rí. Gbogbo ojú tó yà ni yóò wà lábẹ́ dúdú.

Báwo ni mo ṣe lè fi hàn pé n kò kan ẹlòmíràn?

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ojú. Ẹ gbé ẹ̀dà fọ́tò àkọ́kọ́ sókè gbogbo ìpele, kí ẹ fi í sí `Difference`. Ibi tí méjèèjì bá dọ́gba yóò dúdú kirikiri. Ìyàtọ̀ tó kéré kò ní hàn sójú, nítorí náà ẹ fi `Levels` lé e lórí, kí ẹ fa ọ̀pá funfun láti 255 wá sí 10. Ohun tó bá yí, bó tilẹ̀ kéré, yóò tàn jáde. Ìrísí aṣọ Àǹtí àti etí rẹ̀, abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, àti ibi tí ọkọ rẹ̀ ní kí n yọ nìkan ló yẹ kí ó tàn.

Nígbà kan, mo fi iṣẹ́ ránṣẹ́ láìṣe èyí. Ìyàwó ilé kan pè mí lọ́jọ́ kejì pé èékánná òun ti di wáìnì. Búrọ́ọ̀ṣì mi ló yọ̀, ojú mi kò rí i. Láti ọjọ́ yẹn, n kò fi fọ́tò kankan ránṣẹ́ láìwo `Difference`.

Bí oníbàárà bá fẹ́ òǹkà, ImageMagick yóò fún un. Ẹ gé ibi tí ẹ̀gbọ́n dúró sí nínú fọ́tò méjèèjì, kí ẹ sì fi wọ́n wéra:

```
magick atijo.png -crop 700x2600+2500+900 +repage a.png
magick tuntun.png -crop 700x2600+2500+900 +repage b.png
magick compare -metric AE a.png b.png null:
```

Iye píksẹ́lì tó yàtọ̀ ni yóò kọ. Òdo ni à ń wá.

Mo ṣe é, kì í ṣe òdo, mo sì mọ̀ pé n kò kan ibẹ̀.

Ẹ wò ó bóyá JPEG ni ẹ fi pamọ́. JPEG a máa gé fọ́tò sí onígun mẹ́rin kéékèèké, píksẹ́lì 8 sí 8, a sì máa tún gbogbo wọn ṣírò nígbàkúùgbà tí ẹ bá fi í pamọ́, títí kan ibi tí ẹ kò dé. Ẹ fi PNG tàbí TIFF wé ara wọn. JPEG tí ẹ fẹ́ fún oníbàárà, ẹ ṣe é ní ìgbẹ̀yìn, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti inú PSD.

Ṣé èèyàn á mọ̀ tí mo bá ṣì í létí kékeré kan?

Á mọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, ààfin Kensington gbé fọ́tò Ọmọọba-bìnrin Wales àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta jáde fún ọjọ́ àwọn ìyá. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ilé iṣẹ́ ìròyìn AP, AFP, Reuters àti Getty fà á kúrò. Ohun tí AP tọ́ka sí ni ọwọ́ òsì Charlotte, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí kò bá ara mu. Lọ́jọ́ kejì, ìyá wọn tọrọ àforíjì pé òun ló tún fọ́tò náà ṣe.

Irú fọ́tò wo ni ẹ kì í gbà?

Èyí tí ẹni tó ni aṣọ kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ló sábà máa ń pè pé kí n bá òun pààrọ̀ aṣọ ìyàwó tuntun. Mo máa ń ní kí ìyàwó fúnra rẹ̀ pè mí. N kò gba èyí tó dín aṣọ kù lára ẹnikẹ́ni. N kò sì gba fọ́tò ìròyìn tàbí èyí tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sí kóòtù, bó ti wù kí ìbòjú rẹ̀ rọrùn tó.

Kí ni kí n fún oníbàárà ní ìparí?

JPEG tuntun, àti fọ́tò àkọ́kọ́ bó ṣe jáde nínú kámẹ́rà. PSD wà lọ́wọ́ mi fún ọdún kan, torí pé aṣọ Àǹtí máa ń dé láti ọ̀dọ̀ téílọ̀ nígbẹ̀yìn, wọ́n á sì pè mí pé àwọ̀ rẹ̀ gan-an ṣókùnkùn díẹ̀ ju èyí lọ. Ìpele kan ni mo máa ṣí, `Curves`, iṣẹ́jú márùn-ún.